Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́: Bí Ayédèrú Ìwé Ilẹ̀ Ṣe Ń Tú Àṣírí Ara Rẹ̀

Ìwé sọ́fè tí wọ́n kọ ọdún 1996 sí lára, àmọ́ tí nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 wà nínú òǹtẹ̀ awọnlẹ̀ tó fọwọ́ sí i, ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni àwọn iléeṣẹ́ fóònù alágbèéká tí a ń lò lónìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Kò sí bí ẹni tó wọn ilẹ̀ ní 1996 ṣe lè tẹ nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní sórí iṣẹ́ rẹ̀.

Irú ìjẹ́wọ́ báyìí pọ̀ lára ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé kiri Èkó àti agbègbè rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń ṣe ayédèrú lónìí sábà máa ń fẹ́ kí ìwé rẹ̀ dàgbà. Ìwé tó ti pẹ́ máa ń fi olùrà lọ́kàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ṣe ń dàgbà tó ni ohun tó yẹ kó bá ìtàn mu ṣe ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ti Èkìtì sì jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996. Nítorí náà, sọ́fè ọdún 1985 tó ń pe Òṣogbo ní olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò lè jẹ́ iṣẹ́ 1985. Èkó náà kò dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀ títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967. Ṣáájú ìgbà yẹn, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn tí olú ìlú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn ni Ìkẹjà, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì wà. Ìwé ìtajà ilẹ̀ Ìkẹjà tó jẹ́ ti 1962, tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, Ìbàdàn ló yẹ kó ti gba nọ́ńbà. Tó bá jẹ́ òǹtẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó ló wà lára rẹ̀ pẹ̀lú déètì 1962, kí olùrà máa bá tirẹ̀ lọ.

Ìwé ẹ̀rí tí gómìnà ń fún onílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sí-ọ́fù-Ò, ní ìtàn tirẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ tó gbé àkóso ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978. Sí-ọ́fù-Ò tó bá ń tọ́ka sí òfin yìí, tí déètì rẹ̀ sì jẹ́ 1975, ti kọsẹ̀. Orúkọ gómìnà náà gbọ́dọ̀ bá ọjọ́ mu. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979 títí di ìparí 1983 ni Alhaji Lateef Jakande fi jẹ gómìnà Èkó. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2007 ni Bọ́lá Tinúbú gbé ìjọba fún Babátúndé Fáṣọlá. Ìbuwọ́lù Tinúbú lórí Sí-ọ́fù-Ò oṣù kẹta 2008 kò ṣeé gbèjà. Ẹ má sì ṣe lé ìwé kan dànù kìkì nítorí pé gómìnà kọ́ ló fọwọ́ sí i: òfin gbà kí gómìnà fi agbára náà lé kọmíṣọ́nnà lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ìwé tòótọ́ ló sì jẹ́ kọmíṣọ́nnà ló buwọ́ lù wọ́n.

Àmọ́ gbogbo àmì tí ojú ń rí yìí ní ibi tí agbára wọn parí sí. Wọ́n lè fi hàn pé ìwé jẹ́ ayédèrú, wọn kò lè fi hàn láé pé ó jẹ́ òtítọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí á yẹ kàlẹ́ńdà wò, á ra pépà tó ti gbó, á sì ṣe òǹtẹ̀ tó dán. Ohun tó burú jù lọ tiẹ̀ ni ìwé tí kò sí irọ́ kankan lára rẹ̀, tó jẹ́ pé ilẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé e dúró lé lórí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ owó àwọn tó rò pé àwọn gbọ́n.

Ohun tí nọ́ńbà ara sọ́fè ń sọ

Ìwé sọ́fè tòótọ́ ní àwọn nǹkan kan tí kò gbọ́dọ̀ ṣaláì ní: orúkọ ẹni tí wọ́n wọn ilẹ̀ náà fún, àdúgbò tó wà, fífẹ̀ rẹ̀ ní mítà lọ́nà mítà, ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, orúkọ àti ìbuwọ́lù awọnlẹ̀ tó gba ìwé àṣẹ, àti nọ́ńbà àwọn òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké tí wọ́n rì sí igun kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní bíkìn. Àjọ tó ń forúkọ àwọn awọnlẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìyẹn SURCON, ló mọ ẹni tó ní àṣẹ iṣẹ́ yìí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àjọ náà, tàbí tó ti kú kí ọjọ́ ara sọ́fè náà tó pé, kò lè fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn nọ́ńbà gígùn tó wà létí igun ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kọ́dínéètì. Ọ̀pọ̀ olùrà kì í wo ibẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ náà wà. Igun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì. Èyí tí lẹ́tà N wà lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ iye mítà tí igun náà fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé lápá àríwá. Èyí tí E wà lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ bó ṣe jìnnà tó sápá ìlà-oòrùn, láti orí ìlà kan tí àwọn awọnlẹ̀ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ìlà agbedeméjì ayé jìnnà sí Èkó tó nǹkan bí 700 kìlómítà sí 740 kìlómítà, nítorí náà nọ́ńbà N ilẹ̀ Èkó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 70, 71, 72 tàbí 73, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ díjíìtì mẹ́fà kó tó kan àmì ẹ̀sún. Ti àárín ìlú Ìbàdàn ń lọ sí nǹkan bí 817000. Tí wọ́n bá mú sọ́fè wá pé ilẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ni, tí N rẹ̀ sì jẹ́ 817250, Ìbàdàn ni ilẹ̀ orí ìwé yẹn wà, ohun yòówù kí ajẹ́ǹtì máa sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tẹ̀ lé e dé ìdí. Ká ní olùtà kan ń ta pùlọ́ọ̀tì kan ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, tó ní 648 mítà lọ́nà mítà ni, ìyẹn 18 mítà ní fífẹ̀ àti 36 mítà ní gígùn, bí pùlọ́ọ̀tì ṣe sábà máa ń rí ní Èkó. Lára sọ́fè rẹ̀, igun kìíní wà ní E 590100, N 712400. Igun kejì wà ní E 590109, N 712400. Igun kẹta wà ní E 590109, N 712436, ìkẹrin sì wà ní E 590100, N 712436. Nọ́ńbà N bá Èkó mu, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yọ 590100 kúrò nínú 590109: mítà 9 ló kù, kì í ṣe 18. Ẹ yọ 712400 kúrò nínú 712436: ó jẹ́ 36. Mítà 9 lọ́nà 36 jẹ́ 324. Ìdajì pùlọ́ọ̀tì ni awọnlẹ̀ wọ̀n. Ẹnìkan ló yí 324 sí 648 nínú àkọlé lókè, tó gbàgbé pé igun ilẹ̀ ṣì ń sọ òtítọ́. Ilẹ̀ tí igun rẹ̀ kò bá gún báyìí á gba ìṣirò jù bẹ́ẹ̀ lọ, awọnlẹ̀ yòówù sì lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ká wá sọ pé olùtà náà gbọ́n, tó yí kọ́dínéètì náà kí ìṣirò lè bá ara rẹ̀ mu. Níbí ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó ń da àwọn ènìyàn láàmú jù: wọ́n á lọ mú kọ́dínéètì ilẹ̀ mímọ́ kan tí kò ní ìdíwọ́ ìjọba, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí sọ́fè, wọ́n á sì mú olùrà lọ wo ilẹ̀ mìíràn. Tí olùrà bá mú sọ́fè yẹn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba fún àyẹ̀wò, wọ́n á sọ fún un pé ilẹ̀ náà mọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nípa ilẹ̀ tí kò rà.

Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fi sọ́fè olùtà ṣe àyẹ̀wò nìkan. Olùrà á gba awọnlẹ̀ tirẹ̀, tí kì í ṣe ẹni olùtà tàbí ajẹ́ǹtì, á mú un dé orí ilẹ̀, á sì ní kó wọ kọ́dínéètì tuntun láti ara bíkìn tó wà nílẹ̀ gan-an. Kọ́dínéètì tuntun yìí ló gbọ́dọ̀ bá ti orí ìwé mu, òun náà sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé lọ sí Aláúsá. Máàpù orí fóònù kò lè rọ́pò iṣẹ́ yìí. Ètò ìwọ̀n tí fóònù ń lò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn awọnlẹ̀ ilẹ̀ wa ń lò, ìyàtọ̀ àárín wọn ní Èkó sì lè tó nǹkan bí 100 mítà. Fóònù lè sọ pé abúlé náà ni ẹ wà. Kò lè sọ pùlọ́ọ̀tì tí ẹ dúró lé lórí.

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Awọnlẹ̀

Ibi àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò tòótọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ni Ọ́fíìsì Ọ̀gá Awọnlẹ̀ Ìpínlẹ̀, ní Aláúsá, Ìkẹjà. Ohun méjì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ fún olùrà.

Èkíní ni pé wọ́n á wò ó bóyá sọ́fè olùtà wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí awọnlẹ̀ bá parí iṣẹ́, ó yẹ kó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yìí. Ẹ̀dà náà ni àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní réèdì kọ́pì. Sọ́fè tí kò ní réèdì kọ́pì lè jẹ́ iṣẹ́ awọnlẹ̀ tòótọ́ tí kò tíì fi í sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Títí wọn ó fi rí i, kò sí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì fún olùrà.

Èkejì ni ohun tí wọ́n ń pè ní ṣáátìn. Wọ́n á gbé kọ́dínéètì náà lé orí máàpù ìpínlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ya gbogbo ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà sí. Èsì rẹ̀ á jáde nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ẹ̀rí Àlàyé Ilẹ̀. Ìwé náà lè sọ pé ilẹ̀ kò sí lábẹ́ ìjọba rárá. Ó lè sọ pé ìjọba gba gbogbo agbègbè náà, ṣùgbọ́n kò tíì yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó. Irú èyí ṣì ṣeé bẹ̀bẹ̀ fún. Ó sì lè sọ pé ìjọba ti yà á sọ́tọ̀ fún ojú ọ̀nà, ilé ìwé, tàbí iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó bá ra irú ìkẹta yìí ti ra ẹjọ́, kódà bí ìdílé tó tà á fún un bá jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tòótọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹkísíṣọ̀n àti gásẹ́ẹ̀tì wọlé níbí. Nígbà tí ìjọba bá gba ilẹ̀ agbègbè ńlá kan, ó lè yọ apá kan sílẹ̀ fún àwọn ará abúlé tó wà níbẹ̀, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọba. Ìyọsílẹ̀ yẹn ni ẹkísíṣọ̀n. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ni gásẹ́ẹ̀tì. Gásẹ́ẹ̀tì tòótọ́ máa ń sọ orúkọ abúlé àti iye hẹ́kítà tí wọ́n yọ fún un, ààlà rẹ̀ sì ní kọ́dínéètì. Tí wọ́n bá yọ hẹ́kítà 10 fún abúlé kan, tí ìdílé sì ti ta 10 náà tán, gásẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n á tún gbé síta nígbà tí wọ́n bá ń ta ìkọkànlá, tí ìjọba kò yọ fún wọn. Ṣáátìn nìkan ló lè sọ bóyá pùlọ́ọ̀tì tiyín wà nínú ààlà yẹn tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti ilẹ̀ tí wọ́n ní "ẹkísíṣọ̀n rẹ̀ ń bọ̀", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ tí ẹ ń sanwó, ìjọba ṣì ni onílẹ̀.

Ilé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀

Ọ̀gá Awọnlẹ̀ mọ ibi tí ilẹ̀ wà àti ipò tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹni tó ni ín lórí ìwé, Ilé Ìforúkọsílẹ̀ Ilẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, òun náà ní Aláúsá. Gbogbo ìwé tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ máa ń gba nọ́ńbà, ojú ìwé àti fọ́líọ́ọ̀mù. Ìwé yóò kọ ọ́ báyìí, fún àpẹẹrẹ: Nọ́ńbà 37, ojú ìwé 37, fọ́líọ́ọ̀mù 2008. Nọ́ńbà yìí ni lọ́yà olùrà máa fi ṣe séáàṣì.

Iṣẹ́ náà kò díjú. Lọ́yà á kọ lẹ́tà ìbéèrè, á so ẹ̀dà ìwé olùtà mọ́ ọn, á san owó ìjọba, á sì gba rìsíìtì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo fọ́líọ́ọ̀mù yẹn. Ohun tó yẹ kó jáde ni orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, àpèjúwe àti fífẹ̀ ilẹ̀ náà, gbogbo ìtajà tó ti kọjá lórí rẹ̀, àti ìdíwọ́ tó bá wà níbẹ̀: bóyá wọ́n fi í yáwó ní báńkì, bóyá ẹnìkan kọ ìkìlọ̀ sí i, bóyá kóòtù pàṣẹ kan lórí rẹ̀.

Àṣírí ayédèrú Sí-ọ́fù-Ò sábà máa ń tú níbí lọ́nà méjì. Nígbà mìíràn, nọ́ńbà náà kò sí rárá. Èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó gbọ́n ni pé nọ́ńbà wà, àmọ́ ilé kan ní Sùúrùlérè ló ni ín, nítorí pé wọ́n wò ó lára ìwé ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí lọ́yà má ṣe béèrè kìkì pé "ṣé nọ́ńbà yìí wà?" Kó béèrè ilẹ̀ ta ni, níbo, ó fẹ̀ tó báwo, kó sì gba ẹ̀dà tí ilé ìforúkọsílẹ̀ fọwọ́ sí pé òótọ́ ni. Á gbé ẹ̀dà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti olùtà, á sì fi wọ́n wé ara wọn lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, pàápàá sọ́fè tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn.

Olùtà tó bá ní ojúlówó ìwé òun ti sọnù, tó mú ìwé ọlọ́pàá àti ìbúra kóòtù wá dípò rẹ̀, lè máa sọ òtítọ́. Ojúlówó náà sì lè wà nínú àpótí báńkì tó yá a lówó. Séáàṣì á fi gbèsè báńkì náà hàn tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì gba èsì séáàṣì lọ́wọ́ olùtà tàbí ajẹ́ǹtì rẹ̀, nítorí pé ẹni tó lè ṣe ayédèrú Sí-ọ́fù-Ò kò ní ṣàárẹ̀ láti ṣe ayédèrú èsì tó gbè é lẹ́yìn.

Gbogbo ilẹ̀ Èkó kọ́ ló wà ní Aláúsá. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, bíi Banana Island àti FESTAC, ilé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí ni wọ́n ti ń wá a. Ilẹ̀ tó ti kọjá ààlà bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn, bíi ti Ìbàfọ̀, Mowé àti Ọ̀tà, Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta ni ìwé rẹ̀ wà. Ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà ní Àgọ́dì, Ìbàdàn. Ìbéèrè tó tọ́ lọ́dọ̀ ọ́fíìsì tí kò tọ́ kò ní mú èsì kankan wá.

Nígbà tí séáàṣì kò rí nǹkan kan

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìdílé kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Séáàṣì lórí irú rẹ̀ á padà wá lófo, àwọn kan sì máa ń rò pé òfo yẹn ni ẹ̀rí pé ilẹ̀ mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ìwé ìjọba kò mọ onílẹ̀ náà. Níbẹ̀, àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn: ta ni olórí ẹbí, ta ni àwọn aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan, ṣé gbogbo wọn ló fọwọ́ sí títà náà? Láti ọdún pípẹ́ ni kóòtù ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé tí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí àwọn aṣojú, àwọn yòókù lè pe ẹjọ́ kí kóòtù fagi lé e. Tí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹni tó ni ilẹ̀ bá ti kú, kí lọ́yà yẹ àkọsílẹ̀ ogún wò ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga láti mọ àwọn tí kóòtù fún láṣẹ láti bójú tó ohun tó fi sílẹ̀. Kó sì wo àkọsílẹ̀ ẹjọ́ níbẹ̀ bóyá ẹjọ́ kan ń lọ lórí ilẹ̀ náà. Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ló ń tà á, àjọ CAC á sọ bóyá iléeṣẹ́ náà wà àti àwọn tó ní àṣẹ láti fọwọ́ síwèé lórúkọ rẹ̀.

Kódà Sí-ọ́fù-Ò tó jẹ́ òtítọ́ lójú ilé ìforúkọsílẹ̀ kò parí ọ̀rọ̀. Nínú ẹjọ́ Romaine àti Romaine ní 1992, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà sọ pé gbígbé ìwé ilẹ̀ síwájú kóòtù kò túmọ̀ sí pé ẹni tó gbé e wá ló ni ilẹ̀. Kóòtù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìwé náà jẹ́ ojúlówó, bóyá wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n lu òǹtẹ̀ owó orí rẹ̀, wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ, bóyá ẹni tó fi ilẹ̀ náà lélẹ̀ ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá ilẹ̀ náà jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́ nígbà tó ń fi í lélẹ̀, àti bóyá ìwé náà tiẹ̀ lè ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Sí-ọ́fù-Ò tí ìjọba fún ẹni tí kò ní ilẹ̀ kò sọ ọ́ di onílẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní Èkó gbọ́dọ̀ ní èsì mẹ́ta lọ́wọ́ kó tó san kọ́bọ̀: kọ́dínéètì tí awọnlẹ̀ tirẹ̀ wọ̀n lórí ilẹ̀ gan-an, Ìwé Ẹ̀rí Àlàyé Ilẹ̀ lórí kọ́dínéètì yẹn, àti séáàṣì tí lọ́yà tirẹ̀ ṣe, pẹ̀lú rìsíìtì ìjọba àti ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ tí kò forúkọ sílẹ̀, ìbuwọ́lù olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ojúlé ló máa dúró sí àyè ẹ̀dà yẹn. Tí olùtà bá ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá sanwó lọ́la, tí kò sì fẹ́ dúró de àyẹ̀wò yìí, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà rà á.